Àádọ́ta Ọmọ Lábẹ́ Pátákó Kan

Kọ 52 − 27 sójú pátákó ní kíláàsì kẹrin ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí o ní kí gbogbo ọmọ ṣe é sínú ìwé wọn. Ìdáhùn rẹ̀ ni 25, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni yóò kọ 35. Olùkọ́ tí ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ á fi bírò pupa fagi lé gbogbo 35 náà, á tún yíyá ṣàlàyé lójú pátákó láti ìbẹ̀rẹ̀, á sì tẹ̀síwájú. Ohun tí kò hàn sí i ni pé 35 yẹn kì í ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo. Ọmọ kan wo òkè, ó rí 2, ó wo ìsàlẹ̀, ó rí 7. Wọ́n ti sọ fún un rí pé èyí tó kéré ni a máa ń yọ kúrò nínú èyí tó pọ̀, nítorí náà ó yọ 2 kúrò nínú 7, ó kọ 5. Ó yọ 2 kúrò nínú 5, ó kọ 3. Ọmọ tó jókòó tì í mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ yá. Ó yá ọ̀kan, 2 di 12, ó yọ 7 níbẹ̀, ó ku 5. Ṣùgbọ́n ó gbàgbé pé 5 tí òun yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ti di 4, ó yọ 2 kúrò nínú 5, òun náà kọ 3.

Ìdáhùn kan náà ló wà nínú ìwé àwọn méjèèjì. Èkíní kò tíì mọ̀ pé a máa ń yá rárá. Èkejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀, ìgbésẹ̀ kan péré ló kù fún un. Àlàyé tí yóò la èkejì lójú yóò kọjá lórí èkíní, èyí tí èkíní nílò á sì sú èkejì.

Bí a ṣe lè kọ́ irú àwọn ọmọ méjì bẹ́ẹ̀ nínú yàrá kan náà, láàárín ogójì ìṣẹ́jú kan náà, pẹ̀lú àwọn méjìdínláàádọ́ta mìíràn, ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní kí ọmọ tó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ má ju 35 lọ. Ẹni tó bá ń wọ ilé-ìwé ìjọba mọ̀ pé àádọ́ta kì í ṣe ohun àrà níbẹ̀: ọmọ mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ṣe fún méjì, ìwé ìṣirò kan láàárín ọmọ mẹ́fà, pátákó kan, ṣọ́ọ̀kì tí olùkọ́ fowó ara rẹ̀ rà.

Carol Ann Tomlinson, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Fajíníà ní Amẹ́ríkà kó tó fẹ̀yìn tì, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbọ́ nípa kíkọ́ ọmọ ní ìpele tí kálukú wà. Ìwé rẹ̀ lórí kíláàsì tí agbára àwọn ọmọ ibẹ̀ kò dọ́gba jáde lọ́dún 1995. Ohun mẹ́ta ló ní olùkọ́ lè yí padà láti ọmọ dé ọmọ: ohun tí ọmọ ń kọ́, ọ̀nà tó ń gbà kọ́ ọ, àti ohun tí yóò ṣe láti fi hàn pé ó ti yé òun. Olùkọ́ tó bá gbìyànjú láti yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà fún àádọ́ta ọmọ yóò ti rẹ̀ kó tó di ọjọ́rú. Èrò tèmi ni pé kí ó mú ẹyọ kan. Kí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà jẹ́ ọ̀kan fún gbogbo kíláàsì, kí iṣẹ́ tí a gbé lé ọmọ lọ́wọ́ yàtọ̀. Ìwé ètò ìkọ́ni kan ni olùkọ́ yóò kọ. Ìlà iṣẹ́ mẹ́rin ni yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́rin tó ń sòótọ́

Kí a tó pín ọmọ, a ní láti mọ ibi tí kálukú wà. Èsì ìdánwò táàmù tó kọjá kò lè sọ ìyẹn fún wa. Ọmọ méjì lè gba 40 nínú 100, kí ọ̀kan má mọ ìyọkúrò rárá, kí èkejì mọ̀ ọ́n dáadáa ṣùgbọ́n kí ó má lè ka ìbéèrè tí wọ́n kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè mẹ́rin lójú pátákó, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dáhùn sórí ìdajì ojú ìwé, yóò sọ òótọ́ tó pọ̀ ju ìyẹn lọ, bí a bá ti fara balẹ̀ yan àwọn nọ́ńbà rẹ̀. Àwọn tí èmi yóò lò fún kíláàsì kẹrin nìyí:

9 − 4
47 − 15
52 − 28
403 − 168

Èkíní ń wò bóyá ọmọ mọ ìyọkúrò kékeré. Èkejì ní ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá àti ẹyọ, ṣùgbọ́n kò ní yíyá. Ẹ̀kẹta ni yíyá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ní òdo láàárín, òdo yìí sì ti da ọ̀pọ̀ ọmọ rú.

Ẹ kíyè sí i pé mo ti fi 28 rọ́pò 27. Ìyípadà kékeré yẹn ló gbé gbogbo iṣẹ́ náà. Nínú 52 − 28, ọmọ tó yí nọ́ńbà po, tó yọ 2 kúrò nínú 8, yóò kọ 36. Ọmọ tó yá ṣùgbọ́n tí kò dín 5 kù yóò kọ 34. Èyí tó rò pé 8 kò ṣeé yọ nínú 2, tó wá kọ òdo síbẹ̀, yóò ní 30. Èyí tí kò tíì dá àmì ìyọkúrò mọ̀ yàtọ̀ sí ti àròpọ̀ yóò kọ 80. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò kọ 24. Àwọn àṣìṣe méjì tó sá pamọ́ sínú 35 lẹ́ẹ̀kan ti yà sọ́tọ̀, olùkọ́ kò sì ní láti bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kó tó rí wọn. Òfin tó wà nídìí rẹ̀ kò le: kí ìyàtọ̀ láàárín ẹyọ òkè àti ẹyọ ìsàlẹ̀ má ṣe jẹ́ 5, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni àṣìṣe méjèèjì ti máa ń bọ́ sórí nọ́ńbà kan náà.

Ìbéèrè kẹrin náà ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni 235. Ọmọ tó kọ 365 ṣì ń yí nọ́ńbà po. Ọmọ tó kọ 335 ti mọ̀ pé òdo yóò di 9, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ 4 ni nǹkan náà ti wá, kò sì dín 4 kù. Ọmọ tó kọ 265 fo òdo kọjá, ó lọ yá lọ́wọ́ 4 fún 3, nígbà tó wá dé orí 0 àti 6, ó yí wọn po. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kùnà, ṣùgbọ́n ohun tí a máa kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀.

Lọ́dún 1978, àwọn onímọ̀ ará Amẹ́ríkà méjì, John Seely Brown àti Richard Burton, tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde lórí irú àṣìṣe yìí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní Nikarágúà wà lára àwọn tí wọ́n yẹ ìyọkúrò wọn wò. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé àṣìṣe ọmọ kì í sábà jẹ́ àìfiyèsí. Ọmọ náà ní òfin kan lórí rẹ̀ tó ń tẹ̀ lé láìyẹsẹ̀, òfin náà ni kò tọ́. Bí o bá mọ òfin rẹ̀, o lè sọ ohun tí yóò kọ fún ìbéèrè tó ń bọ̀ kó tó kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé títún àlàyé kan náà ṣe ní ohùn tó ròkè sí i kì í ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́: kò sí ohun tó sọ fún un pé òfin tòun kò dára.

Má ṣe máàkì ìwé àádọ́ta náà. Pín wọn sí òkìtì lórí tábìlì. Òkìtì kìíní ni ti àwọn tí kò gba ìbéèrè kejì. Èkejì ni ti àwọn tó gba èkejì ṣùgbọ́n tí ẹ̀kẹta dá dúró. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tó dúró síbi òdo. Ẹ̀kẹrin ni ti àwọn tó gba gbogbo rẹ̀. Ká fi kíláàsì kan ṣe àpẹẹrẹ, ká ní ọmọ mẹ́jọ bọ́ sí òkìtì kìíní, mẹ́tàdínlógún sí èkejì, mẹ́rìndínlógún sí ẹ̀kẹta, mẹ́sàn-án sí ẹ̀kẹrin.

Àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́ kò tíì ṣeé dá lẹ́jọ́ lórí ìwé nìkan. Pè wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nígbà tí àwọn yòókù bá ń ṣe àdàkọ, kí o sì fi Yorùbá bi wọ́n: "O ní ọsàn mẹ́sàn-án, o jẹ mẹ́rin, mélòó ló kù?" Bí ọmọ bá dáhùn lójú ẹsẹ̀, ìṣirò kọ́ ni ìṣòro rẹ̀, àmì ojú pátákó ni. Ní kí ó ka ìdérí ìgò mẹ́rìnlá jáde fún ọ. Ní kí ó ka 13 àti 31 bí o ti kọ wọ́n. Ọmọ tó bá pe méjèèjì ní nọ́ńbà kan náà kò lè ṣe yíyá, torí kò tíì mọ̀ pé ipò tí nọ́ńbà wà ló ń sọ iye rẹ̀.

Mo fi Yorùbá síbẹ̀ nítorí pé ó nídìí. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àgbéṣe ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Olùkọ́ tó bá ń wá ibi tí ìṣirò ti dá ọmọ dúró gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ìdènà èdè kúrò lọ́nà.

Ogójì ìṣẹ́jú

Ohun èlò tí a nílò kò ju èyí tí a lè rí lágbègbè ilé-ìwé. Àpò ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan, bíi igba ẹyọ, tó fún àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́. Ìgbálẹ̀ ògbólógbòó kan tó fún àwọn mẹ́tàdínlógún: kí àwọn ọmọ ṣẹ́ ẹyọ rẹ̀ ní gígùn ìka, kí wọ́n ka mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí wọ́n fi rọ́bà tàbí òwú dì í. Ìdì márùn-ún àti ẹyọ mẹ́wàá ni ọmọ méjì yóò jọ máa lò. Kí àwọn ọmọ dì í fúnra wọn. Ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ka mẹ́wàá sínú ìdì kò ní bẹ̀rù àtitú u. Olùkọ́ kò nílò káàdì tàbí ìwé tí wọ́n tẹ̀. Kí ó fa ìlà sí pátákó, kí ìpín mẹ́rin wà lójú rẹ̀, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ ìpín tirẹ̀.

Ẹgbẹ́ mẹ́tàdínlógún ti pọ̀ jù láti jókòó tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà olùkọ́ yóò pín in sí mẹ́sàn-án àti mẹ́jọ, yóò sì pín mẹ́rìndínlógún sí mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ẹgbẹ́ mẹ́fà nìyẹn, kò sì sí èyí tó ju ọmọ mẹ́sàn-án lọ. Bí ìṣirò bá wà lójoojúmọ́ láti ọjọ́ ajé dé ọjọ́ ẹtì, tí olùkọ́ sì ń jókòó ti ẹgbẹ́ méjì lójúmọ́, ìjókòó mẹ́wàá ló ní lọ́sẹ̀. Kí ó fún àwọn mẹ́jọ tó wà nísàlẹ̀ ní mẹ́ta, kí ó fún ẹgbẹ́ méjèèjì tó wà níbi yíyá ní méjì-méjì, kí àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta yòókù gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò dọ́gba, kò sì yẹ kó dọ́gba: ẹni tó jìnnà jù ló nílò olùkọ́ jù.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ àkọ́kọ́ jẹ́ ti gbogbo kíláàsì. Olùkọ́ á sọ ọ́ lẹ́nu: ìyá ọlọ́sàn kan kó ọsàn 52 wọjà, ó ta 28 kó tó di ọ̀sán. Kí a tó ṣírò, ǹjẹ́ èyí tó kù yóò ju ogún lọ? Ǹjẹ́ yóò ju ọgbọ̀n lọ? Gbogbo ọmọ lè dá sí èyí, títí kan àwọn mẹ́jọ ìsàlẹ̀, ó sì ṣe pàtàkì pé kí wọ́n dá sí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń kọ́. Lẹ́yìn èyí, kálukú á kọjú sí ìpín tirẹ̀ lójú pátákó, olùkọ́ á sì gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tó kàn lọ.

Ká ní àwọn mẹ́sàn-án tó wà níbi yíyá ló kàn. Ìdì márùn-ún àti ẹyọ méjì wà níwájú ọmọ méjì-méjì. Olùkọ́ á ní, "Ẹ fún mi ní méjìdínlọ́gbọ̀n." Wọ́n á fún un ní ìdì méjì, wọ́n á wá wo ẹyọ méjì tó kù, wọ́n á ní kò tó. Níbí ni kí olùkọ́ dákẹ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kì í lè dákẹ́ níbí, wọ́n á ní "Ẹ yá ọ̀kan," ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà á sì ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Bí ó bá mú sùúrù, ọmọ kan yóò na ọwọ́ sí rọ́bà, yóò tú ìdì kan. Nígbà náà ni olùkọ́ á bi wọ́n: kí a tó tú u, ẹyọ mélòó ló wà nínú gbogbo èyí tó kù lọ́wọ́ yín? Nísinsìnyí ńkọ́? Ẹnu á yà ọ́ pé àwọn kan á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti orí ọ̀kan, torí wọ́n rò pé títú u ti mú kí ó pọ̀ sí i. Ọmọ tó bá kà á tán tó rí i pé iye rẹ̀ kò yí padà ti mọ ohun tí yíyá jẹ́ gan-an.

Kíkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé ọwọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n á tún 52 tò, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹyọ: bí wọ́n bá ti tú ìdì, kí wọ́n fagi lé 5, kí wọ́n kọ 4 sórí rẹ̀, kí 2 di 12. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n parí gbogbo iṣẹ́ igi kí wọ́n tó mú pẹ́ńsù, iṣẹ́ igi á dá wà, iṣẹ́ ìwé á dá wà, ọmọ á tún kọ 34 nígbà tí igi kò bá sí níwájú rẹ̀ mọ́. Ọmọ tó bá kọ 34 nígbà tí igi ṣì wà níbẹ̀, má ṣe sọ fún un pé kò gbà á. Ní kí ó ka ìdì tó ṣẹ́kù lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn tó tú ọ̀kan, kí ó sì wo ohun tó kọ sínú ìwé.

Àwọn ọmọ kan kò ní tú ìdì rárá. Ọmọ ọlọ́jà lè sọ fún ọ pé 28 ku méjì kó pé ọgbọ̀n, ọgbọ̀n sì ku méjìlélógún kó pé 52, nítorí náà mẹ́rìnlélógún ni. Báyìí ni ìyá rẹ̀ ṣe ń fún oníbàárà ní ṣéńjì, ọ̀nà náà sì bá bí a ṣe ń ka nọ́ńbà ní Yorùbá mu. Gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tọ́, òun náà sì lè kọ́ ẹlòmíràn. Kí ó ṣáà tún kọ́ ti ìdì pẹ̀lú, torí iṣẹ́ tó ń bọ̀ ní kíláàsì karùn-ún yóò béèrè rẹ̀.

Kí ni àwọn mọ́kànlélógójì yòókù ń ṣe ní gbogbo àsìkò yìí? Níbí ni ọ̀nà yìí ti sábà máa ń dàrú. Bí iṣẹ́ wọn bá jẹ́ irú èyí tí olùkọ́ nìkan lè sọ bóyá ó tọ́, wọ́n á tò sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ìjókòó ti ẹgbẹ́ kékeré á sì parí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Gbogbo iṣẹ́ tí a bá gbé fún wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọ lè fúnra rẹ̀ mọ̀ bóyá ó gbà á.

Fún àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́, eré ọmọ méjì ni. Wọ́n to ìdérí ìgò mẹ́rìnlá, ọ̀kan di ojú, èkejì fi ọwọ́ bo díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó la ojú rí mẹ́jọ. Mélòó ló wà lábẹ́ ọwọ́? Ó dáhùn, èkejì gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n kà á. Kò sí ohun tí olùkọ́ fẹ́ máàkì níbẹ̀. Àwọn tó wà níbi òdo ní iṣẹ́ bíi 403 − 168, òfin wọn sì ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ìdáhùn gbọ́dọ̀ rò ó pọ̀ mọ́ 168, kí ó wò ó bóyá ó padà di 403. Ọmọ tó kọ 265 yóò rí 433, yóò sì mọ̀ pé ohun kan kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Àròpọ̀ yìí ló ń ṣe iṣẹ́ bírò pupa, nítorí náà kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí a lè fò ó.

Àwọn mẹ́sàn-án tó gba gbogbo ìbéèrè kò gbọ́dọ̀ gba ogún iṣẹ́ irú kan náà. Ìyẹn ìyà ni. Kọ 6□ − □8 = 27 fún wọn, kí wọ́n wá nọ́ńbà tó sọnù. 65 − 38 nìkan ló bá a mu, wọ́n á sì ní láti ronú sẹ́yìn kí wọ́n tó rí i. Tàbí kí wọ́n wá ìyọkúrò mẹ́fà tí ìdáhùn gbogbo wọn jẹ́ 24, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní yíyá nínú. Ìlà kan lójú pátákó ti fún wọn ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjìlá.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjìlá, olùkọ́ á lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn á tún jẹ́ ti gbogbo kíláàsì: ọmọ kan láti ẹgbẹ́ kan á jáde wá fi ohun tí wọ́n ṣe hàn, kí wọ́n sì máa yí i ká kó má jẹ́ àwọn mẹ́sàn-án ló ń jáde ní gbogbo ìgbà.

Ibi tó ti máa ń wọ́

Ìdánwò tó wà nínú ọ̀nà yìí ni pé kí olùkọ́ sọ àwọn mẹ́sàn-án yẹn di tíṣà kékeré. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Joseph Lancaster bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1798, níbi tí àwọn ọmọ tó mọ̀wé ti ń kọ́ ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ó dín owó kù gan-an, ṣùgbọ́n àkọ́sórí ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, nítorí ọmọ mọ bí a ti ń sọ ìdáhùn, kò mọ bí a ti ń wá ìdí àṣìṣe. Ìrànlọ́wọ́ dára lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin rẹ̀ ni pé olùrànlọ́wọ́ lè béèrè pé, "Fi igi ṣe é kí n rí i," ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan pẹ́ńsù ẹnìkejì rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni kí ẹgbẹ́ le koko. Ẹgbẹ́ ìyọkúrò kì í ṣe ẹgbẹ́ ìwé kíkà, kò sì gbọ́dọ̀ wà títí táàmù yóò fi parí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kọ ìbéèrè kan péré, bíi 71 − 34. Ìdáhùn rẹ̀ ni 37. Ẹni tó yí nọ́ńbà po á kọ 43, ẹni tó gbàgbé láti dín 7 kù á kọ 47. Ẹni tó bá gbà á, kí ó kọjá lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kọ orúkọ àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pa mọ́. Bí àwọn mẹ́jọ ìbẹ̀rẹ̀ bá ṣì pé mẹ́jọ ní àárín táàmù, ohun tí a ń ṣe níbẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò, nítorí a ti ń tọ́jú wọn síbẹ̀ dípò kí a máa kọ́ wọn. Má sì fún ẹgbẹ́ ní orúkọ tó ń sọ agbára. Àwọn ọmọ yóò mọ̀ bó ti wù kó rí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń rí i pé ènìyàn ń jáde níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní di èébú.

Ǹjẹ́ ẹ̀rí wà pé ó ń ṣiṣẹ́? Ó wà, ó sì ní ààlà. Ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, Esther Duflo, Pascaline Dupas àti Michael Kremer bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lọ́dún 2005 ní ilé-ìwé 121. Ní apá kan, wọ́n pín ọmọ kíláàsì kìíní sí méjì gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n mọ̀; ní apá kejì, wọ́n pín wọn láìwo ìyẹn. Àwọn tó mọ̀wé jù àti àwọn tó rẹ̀yìn jù ni wọ́n jọ ṣe dáadáa sí i níbi tí wọ́n ti pín wọn gẹ́gẹ́ bí ìpele, nítorí olùkọ́ lè kọ́ ohun tó bá àwọn tó wà níwájú rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kejì ni wọ́n gbà kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Àádọ́ta ọmọ tí à ń sọ níbí kò ní olùkọ́ kejì.

Ti Íńdíà sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ. Àjọ Pratham, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Mumbai lọ́dún 1995, ló ń pín àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n lè kà àti ohun tí wọ́n lè ṣírò, láìka kíláàsì wọn sí. Ní ìpínlẹ̀ Uttarakhand, wọ́n gbìyànjú láti fi ọ̀nà yìí sínú iṣẹ́ ojoojúmọ́ àwọn olùkọ́ ìjọba, kò sì so èso, torí àwọn olùkọ́ padà sórí síkíìmù wọn. Ní ìpínlẹ̀ Haryana, ìjọba ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lójúmọ́ fún un, àwọn alábòójútó sì ń wá wò ó. Ìwé kíkà àwọn ọmọ náà gòkè. Ìṣirò wọn kò gòkè. Mo sọ èyí nítorí pé kò yẹ kí a ṣèlérí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀: ìṣirò ń béèrè kí olùkọ́ mọ àṣìṣe tó wà nídìí 34 àti 36, kì í ṣe kí ó kàn pín ọmọ.

Ẹ̀kọ́ Haryana àti Uttarakhand ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé àti ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ gbọ́. Olùkọ́ tí ìnsípẹ́tọ̀ ń bi ní ìbéèrè kan ṣoṣo, bóyá ó ti dé ọ̀sẹ̀ keje nínú síkíìmù, kò ní jókòó ti ọmọ mẹ́jọ tí kò mọ 13 yàtọ̀ sí 31, bó ti wù kó nífẹ̀ẹ́ wọn tó. Ẹ kọ àsìkò ìṣirò kan lójúmọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ẹgbẹ́, kí ó wà nínú tábìlì àkókò ilé-ìwé. Nígbà tí ìnsípẹ́tọ̀ bá sì dé, kí ó béèrè òkìtì ìwé ìbéèrè mẹ́rin náà àti orúkọ àwọn ọmọ tó ti kọjá láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kí ó tó béèrè ìwé ètò ìkọ́ni.